Ọjọ́ Ìbálòpọ̀ Ni Kí Ẹ Kà: Oògùn Ìdènà Oyún Pàjáwìrì, Nǹkan Oṣù Tó Tẹ̀lé E, àti Àsìkò Ìdánwò

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò pọ̀. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí oògùn tí obìnrin ń gbé mì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ń ṣe sí nǹkan oṣù tó ń bọ̀, kí n sì sọ ọjọ́ tó yẹ kó ṣe ìdánwò oyún. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn ṣíwájú, kí ẹni tó bá fẹ́ tètè lọ lè mú un dání lọ: ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tó kẹ́yìn tí kò sí ààbò níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìdánwò lè fún yín ní èsì tí ẹ lè gbára lé. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi tó kù, àlàyé ìdí tí mo fi ní kí ẹ ka ọjọ́ ìbálòpọ̀, tí mi ò ní kí ẹ máa wo ẹ̀jẹ̀ nìkan ni.

Oògùn tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Pósítínọ̀ ní kẹ́mísìtì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni lẹfonọjẹ́sítírẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ́ònù tí wọ́n ṣe láti jọ èyí tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 1.5. Àwọn páálí kan ní hóró kan ṣoṣo tó gbé gbogbo rẹ̀. Pósítínọ̀ 2 ní hóró méjì, 0.75 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ní kí obìnrin lo hóró kan, kí ó dúró fún wákàtí 12 kí ó tó lo èkejì. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé bí ó bá gbé méjèèjì mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Nítorí náà, ẹ gbé e mì pọ̀, ó kéré tán ẹ ò ní gbàgbé èkejì. Láàárín wákàtí 72 ni kí ẹ ti lò ó, bí ó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó.

Kí a tó lè mọ ohun tí oògùn yìí ń ṣe sí nǹkan oṣù, a ní láti mọ ẹni tó ń pinnu ọjọ́ nǹkan oṣù. Ọ̀pọ̀ obìnrin gbà pé kàlẹ́ńdà ni. Wọ́n á ní, "Ọjọ́ 28 ni tèmi." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyin ló ń pinnu ọjọ́ yẹn. Bí nǹkan oṣù bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹyin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nínú ilé ẹyin. Nígbà tó bá gbó tán, ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ á tú họ́mọ́ònù kan jáde lójijì, tó pọ̀ gan-an, láti pàṣẹ pé kí ẹyin jáde. Ní nǹkan bíi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí àṣẹ yẹn bẹ̀rẹ̀, ẹyin á jáde. Ibi tí ẹyin ti kúrò á wá máa ṣe họ́mọ́ònù mìíràn tó ń gbé awọ inú ilé ọmọ dúró, bí òpó ṣe ń gbé àjà dúró. Òpó yìí kì í pẹ́ ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ bí oyún kò bá dúró. Bí ó bá wó, awọ yẹn á ya, ẹ̀jẹ̀ á sì wá.

Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn nínú oṣù obìnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹyin tó jáde, ló máa ń gùn tàbí kúrú. Bí ẹyin bá pẹ́ kí ó tó jáde ní ọjọ́ márùn-ún, nǹkan oṣù náà á pẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún.

Oògùn pàjáwìrì wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ní ibì kan ṣoṣo. Ó ń dá àṣẹ yẹn dúró. Bí ó bá bá ẹṣẹ́ yẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ, àṣẹ náà á rọ̀ tàbí kí ó sún síwájú, ẹyin ò sì ní jáde lásìkò tí àtọ̀ tó wà nínú ara ń retí rẹ̀. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹyin bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtọ̀ ti kú kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ kí oògùn tó dé, kò sí ohun tó lè fa ọwọ́ aago sẹ́yìn mọ́. Ẹyin á jáde, oògùn ò sì ní lè ṣe nǹkan kan sí oyún tó bá ti dúró: kò lè ṣẹ́ ẹ, kì í sì í pa á lára. Èyí ló fà á tí obìnrin kan fi lè lo oògùn ní wákàtí kejì kí oyún sì dúró, tí òmíràn sì lò ó ní ọjọ́ kejì tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ibi tí oṣù kọ̀ọ̀kan wọn dé nígbà tí wọ́n lò ó ni wọ́n fi yàtọ̀.

Ibi tí oṣù dé yìí kan náà ló ń pinnu ohun tí ẹ̀jẹ̀ á ṣe. Ẹ rántí pé oògùn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ họ́mọ́ònù tó ń gbé awọ ilé ọmọ dúró. Bí ó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lọ́pọ̀, tí ó sì tún tán kúrò lára láàárín ọjọ́ díẹ̀, awọ yẹn lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ sì wá kí àsìkò tó tó. Ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹni tó lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù rẹ̀. Àwọn ìwádìí fi hàn pé bí obìnrin bá ṣe tètè lò ó tó nínú oṣù rẹ̀ ni nǹkan oṣù ṣe máa ń yá ju ìgbà tó ń retí lọ. Ẹni tó lò ó ní ìparí oṣù, lẹ́yìn tí ẹyin ti jáde, kì í sábà rí irú ìyára bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ lè bọ́ sí ọjọ́ tó máa ń bọ́ sí, ó lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì pẹ́, ẹ̀jẹ̀ náà sì lè dúró pẹ́ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn tó wà láàárín, tí ẹyin wọn kù díẹ̀ kí ó jáde, ni tiwọn máa ń ta kókó, nítorí ipá méjì ló ń fà wọ́n: oògùn tó ń tán lára lè mú ẹ̀jẹ̀ wá ṣáájú, ẹyin tó sún síwájú sì lè mú kí nǹkan oṣù gan-an pẹ́. Nígbà míì, obìnrin kan á rí méjèèjì nínú oṣù kan ṣoṣo.

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, àyípadà yìí kì í kọjá ọ̀sẹ̀ kan sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn ọjọ́ tí wọ́n ń retí. Oṣù tó bá tẹ̀lé e á sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá kan ń sọ, pé oògùn yìí ń gbẹ ilé ọmọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lò ó léraléra ní oṣù kan náà á kàn rí i pé nǹkan oṣù òun dàrú débi pé òun ò mọ ibi tí òun wà mọ́, àìmọ̀ yẹn gan-an sì ni wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Mo dá a sílẹ̀ fún àlàyé ni, ẹ jẹ́ kí a pè é ní Àbẹ̀ní. Oṣù rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, kì í yẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, nítorí náà ó ń retí òmíràn ní ọjọ́ 31. Ní alẹ́ ọjọ́ 14, kọ́ńdọ́ọ̀mù bẹ́ mọ́ wọn lára. Ní àárọ̀ ọjọ́ 15, ó lọ sí kẹ́mísìtì, ó ra oògùn, ó sì gbé e mì lójú ẹsẹ̀. Kò fi àkókò ṣòfò rárá. Ní ọjọ́ 19, ọkọ rẹ̀ tún sún mọ́ ọn, wọn ò sì lo nǹkan kan, nítorí wọ́n gbà pé oògùn ṣì wà lára. Ní ọjọ́ 22, ó rí ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀, páàdì kan ló ń lò lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi ṣe é. Ó wá sí kẹ́mísìtì ní ọjọ́ 24, ó ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, mo ti rí i o. Ó ti tán nìyẹn."

Kò tíì tán. Ọjọ́ 14 tí kọ́ńdọ́ọ̀mù bẹ́ jẹ́ ọjọ́ kejìlá nínú oṣù rẹ̀. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe ń lọ, ẹyin rẹ̀ ì bá jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 16, àṣẹ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín alẹ́ ọjọ́ 14 sí àárọ̀ ọjọ́ 15. Ẹ rí i bí àyè náà ṣe há tó. Bí oògùn bá ṣáájú àṣẹ, ẹyin á dúró, àtọ̀ ọjọ́ 14 á sì kú kí ó tó jáde. Bí àṣẹ bá ṣáájú oògùn, ẹyin á jáde ní ọjọ́ 16, á sì bá àtọ̀ níbẹ̀. Kò sí bí Àbẹ̀ní ṣe lè mọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ 22 ò sì lè sọ fún un, nítorí oògùn tó ń tán lára lè mú ẹ̀jẹ̀ wá nínú ọ̀ràn méjèèjì.

Ti ọjọ́ 19 tilẹ̀ burú jù. Bí oògùn bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ohun tó ṣe ni pé ó sún ẹyin síwájú. Ẹyin tí kò jáde ní ọjọ́ 16 lè jáde ní ọjọ́ 20 tàbí 21, kí ó sì bá àtọ̀ tuntun tí oògùn kankan ò dènà. Oògùn tí ẹ lò lánàá kì í ṣọ́ yín ní ọ̀la. Nínú gbogbo ohun tí mò ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, èyí ló ń dùn mí jù, nítorí ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ ní àkọ́kọ́ ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti lo oògùn títí nǹkan oṣù tòótọ́ á fi dé, kọ́ńdọ́ọ̀mù ni o, àfi bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí mìíràn. Pẹ̀lú lẹfonọjẹ́sítírẹ́ẹ̀lì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kàn fi kọ́ńdọ́ọ̀mù kún un fún ọjọ́ méje.

Bí Àbẹ̀ní bá wá gba ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ 22 sí nǹkan oṣù, á tún ka ọjọ́ 28 láti ibẹ̀, á sì máa retí ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà. Ó dìgbà yẹn kí ó tó fura. Bí oyún bá wà, á ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí a bá kà á láti ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí ẹyin ń gbà bọ̀ ni oyún náà so sí, tí kò dé ilé ọmọ, àsìkò tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dunni nìyẹn.

Ìgbà wo wá ni kí ó ṣe ìdánwò? Ohun tí sítírípù ìdánwò ń wá nínú ìtọ̀ ni họ́mọ́ònù kan tí oyún nìkan ń ṣe, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é títí á fi lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn ìbálòpọ̀, àtọ̀ lè dúró de ẹyin fún ọjọ́ 5. Lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, ó máa ń tó ọjọ́ 6 sí 12 kí oyún tó lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Ti ọ̀pọ̀ máa ń bọ́ sí ọjọ́ 8 sí 10. Ẹni tí tirẹ̀ pẹ́ jù lọ ti lo ọjọ́ 17 báyìí. Nígbà yẹn ni họ́mọ́ònù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń di ìlọ́po méjì ní bí ọjọ́ méjì-méjì. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó lè hàn nínú ìtọ̀. Ibi tí 21 ti wá nìyẹn. Ó fi àyè gba ẹni tó pẹ́ jù lọ.

Ẹ wá fi wo Àbẹ̀ní. Bí ó bá ṣe ìdánwò ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tó wá ń rẹ́rìn-ín, èsì tó bá sọ pé kò sí oyún ò túmọ̀ sí nǹkan kan, nítorí ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kọjá lẹ́yìn ìbálòpọ̀ àkọ́kọ́, márùn-ún sì ni lẹ́yìn èkejì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 21 ti pé fún ti kọ́ńdọ́ọ̀mù tó bẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì pé fún ti ọjọ́ 19. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ni méjèèjì pé. Bí ìtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn bá ní kò sí, kò sí náà nìyẹn.

Ẹ ó bi mí pé ṣé gbogbo obìnrin tó lo oògùn ló gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò. Rárá. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ wá ní ọjọ́ tó ń retí tàbí ní ìtòsí rẹ̀, tó pọ̀ bó ṣe máa ń pọ̀, tó gba iye ọjọ́ tó máa ń gbà, lè fọkàn balẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ fi ju ọjọ́ méje lọ pẹ́, kó ṣe é. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn kán díẹ̀díẹ̀, tàbí tó wá nígbà tí kò yẹ kó wá, bíi ti Àbẹ̀ní, kó ṣe é. Ẹni tí oṣù rẹ̀ kì í dúró lójú kan tẹ́lẹ̀, tí kò mọ ọjọ́ tí yóò máa retí, kó ka ọjọ́ 21, kó sì ṣe é.

Ṣíṣe é kò le, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń ba èsì ara wọn jẹ́. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ló dára jù, nítorí ó ki. Ẹni tó bá mu omi lọ́pọ̀ kí ó lè tètè tọ̀ ti fi omi lú ohun tó ń wá. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lẹ́yìn páálí bóyá kò tíì kọjá. Ẹ ti sítírípù bọ ìtọ̀ dé ojú àmì, ẹ má jẹ́ kó kọjá ibẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ sì wò ó ní ìṣẹ́jú tí páálí sọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ìlà kan gbọ́dọ̀ hàn ní ibi tí wọ́n kọ C sí. Bí kò bá hàn, sítírípù náà ti bàjẹ́, èsì rẹ̀ kò sí. Ìlà kejì, bó ti wù kó ṣe bàìbàì tó, bí ó bá ti yọ láàárín ìṣẹ́jú yẹn, oyún ni. Èyí tí ẹ gbé sílẹ̀ tí ẹ wá padà wò lẹ́yìn wákàtí kan, tí ìlà eérú kan wá wà níbẹ̀, ẹ má kà á sí. Ìtọ̀ tó gbẹ ló fà á. Oògùn pàjáwìrì fúnra rẹ̀ kò lè yí èsì náà padà, nítorí họ́mọ́ònù tí sítírípù ń wá kọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan wà tí mi ò lè jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré rárá, tí ó yẹ kí wọ́n ka ọjọ́ 21 yìí láìka ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ṣe. Ẹni tó bì láàárín wákàtí méjì tó lo oògùn, tí kò sì lo òmíràn. Ẹni tó ń lo rìfàmpísìn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí oògùn wárápá bíi kabamasẹpíìnì, nítorí wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè ba oògùn pàjáwìrì jẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ìlọ́po méjì, mílígíráàmù 3, ni wọ́n máa ń fún irú wọn. Àti ẹni tó bá tóbi, tó wúwo ju bíi kílò 70 lọ, tí ìwọ̀n kan ṣoṣo lè má tó. Fún àwọn yìí, lúùpù oníkọ́pà tí nọ́ọ̀sì lè fi sí ilé ọmọ láàárín ọjọ́ márùn-ún dára ju hóró lọ. Kò bìkítà fún ìwọ̀n ara tàbí ibi tí ẹyin dé, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ da ọjọ́ nǹkan oṣù rú, bí ó tilẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i.

Oògùn mìíràn tún wà, yulipírísítaàlì, mílígíráàmù 30, tí àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa. Ó lè sún ẹyin síwájú kódà lẹ́yìn tí àṣẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó ṣáà má tíì dé góńgó, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún. Nítorí náà nǹkan oṣù ẹni tó lò ó máa ń pẹ́ ni ju kí ó yá lọ, ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ní ìṣirò àárín. Kò yàtọ̀ nípa ti ìdánwò. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kí ẹni tó lò ó dúró fún ọjọ́ márùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní họ́mọ́ònù nínú, nítorí wọ́n máa ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn tí ara wọn ò gbà láti dúró. Nǹkan oṣù pẹ́, ọkàn ò balẹ̀, wọ́n á lọ gba abẹ́rẹ́ tàbí hóró tí wọ́n ní ó ń fa nǹkan oṣù. Họ́mọ́ònù ni ìyẹn náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló mú un wá, kò sì sọ pé oyún ò sí. Bí kò bá wá, ó tún ti da kàlẹ́ńdà rú lẹ́ẹ̀kejì. Sítírípù kan ń yanjú ọ̀rọ̀ náà ju gbogbo ìyẹn lọ, kò sì wọ́n tó wọn.

Bí ẹ bá ṣe ìdánwò ní ọjọ́ 21 tí kò sí oyún, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì tíì wá, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá tún sí, tí nǹkan oṣù sì ń pẹ́ lọ, ẹ lọ rí dókítà, nítorí ohun mìíràn ló ń fa ìyẹn. Bí oyún bá wà, ẹ tètè lọ fún àyẹ̀wò àwòrán láti mọ ibi tó so sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrora mú ní ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀ ikùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, tí ojú ń ṣú tàbí tí èjìká ń ro, kó má dúró de ọjọ́ 21, kó má sì dúró de àárọ̀ kí ó lè rí ìtọ̀ tó ki. Ilé ìwòsàn ni kó lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kó sì sọ fún wọn pé òun lo oògùn pàjáwìrì, ọjọ́ tí òun lò ó, àti ọjọ́ ìbálòpọ̀ tó kẹ́yìn.